Ṣé Àyè Iṣẹ́ Náà Ṣì Wà?

Láti ọdún 1960 tí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ewékorò ni àwọn èèyàn ti ń wáṣẹ́ lọ síbẹ̀. Ní ayé ìsinsìnyí, orí Wátsáàpù ni ìkéde iṣẹ́ ti ń kiri láti ọwọ́ ẹnì kan dé ọwọ́ ẹlòmíràn, ó sì lè ti pẹ́ kó tó kàn yín. Lójú tèmi, bí ìkéde kò bá sọ ọjọ́ tí wọ́n máa tì í, ẹ kọ́kọ́ fi íméèlì kúkúrú béèrè bóyá àyè ọ̀hún ṣì wà, kẹ́ ẹ tó náwó sí ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí àti ìwé ìbúra kóòtù.

Ká ní oníṣẹ́ iná ni wọ́n ń wá. Àkọlé ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí, nítorí náà ẹ kọ “Ìbéèrè nípa iṣẹ́ iná, Ewékorò” síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi nọ́ńbà ìkéde kún un bó bá ní. Lẹ́yìn ìkíni, ohun tó kù ni: “Mo rí ìkéde yín fún oníṣẹ́ iná. Mo ní ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ náà, mo sì ti ṣe é fún ọdún mẹ́rin. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ṣì ń gba ìwé ìwáṣẹ́, ọjọ́ wo lẹ ó sì dáwọ́ rẹ̀ dúró?” Orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ló kàn. Èdè tí wọ́n fi kéde ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́. Ẹ má fi fáìlì kankan mọ́ ọn, torí ẹni tó bá rí fáìlì lè rò pé ìwé ìwáṣẹ́ gan-an nìyẹn, kó tọ́jú rẹ̀, kó má sì dáhùn ìbéèrè yín.

Ẹnì kan lè sọ pé àwọn ilé-iṣẹ́ kì í dáhùn. Òótọ́ ni, ọ̀pọ̀ kì í dáhùn. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kẹ́ ẹ dúró ju ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta lọ. Bí kò bá sí èsì, ẹ fi ìwé yín ránṣẹ́. Bí ọjọ́ ìparí bá sì wà nínú ìkéde, tí kò tíì kọjá, ẹ má béèrè rárá, ẹ tètè kọ̀wé. Bó bá jẹ́ orí ìkànnì ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ti ń gba ìwé, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò.

Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé ìbéèrè yìí á jẹ́ kí gbájú-ẹ̀ mọ àdírẹ́sì àwọn. Àmọ́ ohun tó lè bọ́ sí gbájú-ẹ̀ lọ́wọ́ nípasẹ̀ rẹ̀ kéré púpọ̀ sí ìwé ẹ̀rí àti ọjọ́ ìbí tó wà nínú ìwé ìwáṣẹ́. Ẹ wo ohun tó tẹ̀lé àmì @ nínú àdírẹ́sì íméèlì tó wà nínú ìkéde. Bí ilé-iṣẹ́ ńlá tó ní ìkànnì tirẹ̀ bá ń fi gmail.com gbàwé, ẹ fura. Bí èsì bá sì ní kẹ́ ẹ sanwó fọ́ọ̀mù, ẹ má san kọ́bọ̀: ẹ mú nọ́ńbà fóònù lórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, kẹ́ ẹ pè wọ́n.