Ta Ni Wọ́n Máa Pè Tí Ẹ̀rọ Bá Dúró?

Ẹni tó bá fẹ́ máa ta ẹ̀rọ fún àwọn iléeṣẹ́ àdúgbò wa ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀rọ píọ̀ wọ́tà ṣe àpẹẹrẹ.

Ká ní ẹ̀rọ kan ń rọ ọ̀rá omi 2,000 ní wákàtí kan. Ọ̀rá 20 ló wà nínú àpò kan, àpò 100 nìyẹn. Tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí 8, ó di àpò 800 lóòjọ́. Ká ní èrè orí àpò kan jẹ́ ₦50, èrè òòjọ́ di ₦40,000. Wàyí o, híítà tó ń lẹ ẹnu ọ̀rá pọ̀ jó, ẹni tó ta ẹ̀rọ sì ní kí wọ́n dúró ọjọ́ 5 kí páàtì tó dé. ₦200,000 ti wọgbó! Kódà kó jẹ́ pé ó fi ₦200,000 dín owó ẹ̀rọ fún wọn, ẹ̀dínwó ọ̀hún ti tán.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá iléeṣẹ́ kì í fi í tìtorí pátákó tó rẹwà rajà. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni pé, "Tó bá dúró, ta ni mo máa pè, ìgbà wo ló máa dé?" Kí orúkọ yín jẹ́ ìdáhùn yẹn.

Ohun tí iléeṣẹ́ Kátápílà ti Amẹ́ríkà fi gbajúmọ̀ nìyẹn. Nígbà kan, wọ́n ṣèlérí pé ibi yòówù kí oníbàárà wà láyé, páàtì á dé láàárín wákàtí 48, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn ni wọ́n máa san owó rẹ̀. Ohun tó gbe ìlérí náà ró ni àwọn aṣojú wọn tó ń kó páàtì pamọ́ sí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè.

Apá tiwa ò tíì ká ayé, ẹ jẹ́ ká ṣe é níwọ̀n. Ẹ mú irú ẹ̀rọ kan ṣoṣo, láti Ìbà dé Ọ̀jọ́. Ẹ kó àwọn páàtì tó máa ń tètè jẹ sílẹ̀: híítà, wáyà tó ń wọn ìgbóná, aṣọ Tẹ́fílọ́ọ̀nù tó ń bo ojú híítà, àti bẹ́líìtì. Lẹ́yìn náà lẹ tó lè sọ pé, "Ẹ pè wá kí aago 12 ọ̀sán tó lù, a máa dé lọ́jọ́ náà."

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni pé ìlérí wọn ju ohun tó wà lórí pẹpẹ wọn lọ. Ẹ ní ìwé kan tí ẹ ń kọ ọ́ sí: aago tí wọ́n pè, aago tí ẹ dé, aago tí ẹ̀rọ padà ṣiṣẹ́. Tí ẹ bá pẹ́ lẹ́ẹ̀mejì nínú mẹ́wàá, ẹ yí ìlérí yẹn padà kí oníbàárà tó yí yín padà. Ìwé yẹn náà ni kí ẹ ṣí han oníbàárà tuntun.

Ó ku ẹyọ kan. Tí ọ̀rá bá ń jò, ó lè má jẹ́ ẹ̀bi híítà, ó lè jẹ́ pé ọ̀rá tí wọ́n rà ló fẹ́lẹ́ jù. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, bí ẹ ò tilẹ̀ ní ta páàtì lọ́jọ́ náà. Ọmọ tó ń dúró ti ẹ̀rọ ń gbọ́, òun ló sì máa sọ fún ọ̀gá rẹ̀ ẹni tí kí wọ́n pè nígbà mìíràn.