Ojú-Ìwé Kan Tàbí Ìwé-Ètò Kíkún?

Ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Ewékoro, nítòsí Pápáláńtò, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960. Irú òwò bẹ́ẹ̀ kò ṣeé dá sílẹ̀ láìsí ìwé-ètò kíkún, nítorí a kò lè fi iléru ńlá dánra wò. Ọ̀dọ́ tó fẹ́ máa mọ búlọ́ọ̀kù tà lẹ́bàá títì Pápáláńtò ńkọ́? Káńfáàsì tí Ash Maurya gbé jáde ní 2010 ni kí ó kọ́kọ́ mú: ojú-ìwé kan, àpótí mẹ́sàn-án, tí oníbàárà, ìṣòro wọn, owó tí ń wọlé àti èyí tí ń jáde ní àyè tiwọn níbẹ̀.

Àbá lásán ni ohun tó bá kọ. Èyí tó léwu jù ni pé akọ́lé yóò ra búlọ́ọ̀kù tí a ti mọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn a máa ra sìmẹ́ǹtì àti yanrìn fúnra wọn, wọn a sì pe amọbúlọ́ọ̀kù wá sórí ilẹ̀ wọn, kí wọ́n lè fojú rí bí a ti ń pò ó. Kí ó lọ bá akọ́lé mẹ́wàá, kí ó sì béèrè àsansílẹ̀. (Ìyìn kì í ṣe owó, ẹ kò ṣàìmọ̀.) Bí ẹnikẹ́ni kò bá san, kí ó pa àbá náà rẹ́: bóyá òun ni yóò máa gbé ẹ̀rọ lọ bá wọn. Bí mẹ́rin bá san, iye tí wọ́n san ni yóò fi bẹ̀rẹ̀ ìwé-ètò kíkún tí báńkì yóò béèrè kí wọ́n tó yá a lówó ẹ̀rọ.