Àgbádárìgì Nínú Fáìlì Tó Dàrú

Ẹ jẹ́ kí a yẹ orúkọ kan ṣoṣo wò: Àgbádárìgì. Nínú fáìlì àtijọ́ tí a tẹ̀ ní Windows-1252, báìtì kan péré ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń gbà. Bí a bá yí i sí UTF-8, À, á àti ì yóò gba báìtì méjì-méjì. Bí ẹlòmíràn bá tún yí i lẹ́ẹ̀kejì, bí ẹni pé Windows-1252 ló ṣì jẹ́, orúkọ ìlú yóò di Ã€gbÃ¡dÃ¡rÃ¬gÃ¬. Ã tó ń yọjú káàkiri ni a fi ń dá a mọ̀. Ìyípadà kejì nìkan ni kí a tú:

```
s.encode("cp1252").decode("utf-8")
```

Orúkọ náà yóò bọ̀ sípò. Ṣùgbọ́n à kékeré máa ń di Ã àti àlàfo kan. Bí ẹnikẹ́ni bá ti gbá àlàfo náà dànù, àṣẹ yìí yóò kọ̀ jálẹ̀.

Ti àmì abẹ́ lẹ́tà yàtọ̀. Kò sí àyè fún ẹ, ọ, ṣ nínú Windows-1252 rárá, nítorí náà ẹni tó fẹ́ kọ ọjà, 'ojà' ló tẹ̀. A lè fi ìwé àfọwọ́kọ tún un ṣe, ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí a bá sọ gbogbo o di ọ, 'ojú' pàápàá yóò bàjẹ́.