Èlé Tí Ń Jẹun Lóru

Ẹ jẹ́ kí a fi oníṣòwò kan ní ọjà Niu Bẹẹli, ní Dúálà, ṣe àpẹẹrẹ. Ó fi 100,000 fráǹkì dógò lórí tẹlifóònù, ó sì wọ àdéhùn ìyàtọ̀ iye owó lórí wúrà tí ó tó 2,000,000. Kò ra wúrà kankan. Bí iye wúrà bá gòkè, alágbàtà yóò san ìyàtọ̀ náà fún un; bí ó bá wálẹ̀, òun ni yóò san án.

Bí ẹni pé ó yá owó yòókù ni. Nítorí náà, ní gbogbo òru tí àdéhùn náà bá sùn, wọn yóò gba èlé lórí odindi 2,000,000. Bí ó bá jẹ́ 7.3 nínú 100 lọ́dún, ó di 400 fráǹkì lóru kan, 12,000 ní ọgbọ̀n òru. Ìyẹn ju ìdá mẹ́wàá owó tirẹ̀ lọ, bí iye wúrà kò tilẹ̀ mì. Bí wúrà bá wálẹ̀ ní 5 péré nínú 100, ìdógò tán. Àní, alágbàtà a máa pa àdéhùn náà dé kí ó tó tán. Bí wúrà bá gòkè lọ́jọ́ kejì, kò kàn án mọ́.

Ní 2018, àjọ tí ń ṣọ́ ọjà owó ní Yúróòpù kéde pé nínú 100 àkáǹtì àwọn ará ìlú, 74 sí 89 ni ó ń pàdánù. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé kí ó fi díẹ̀ kó púpọ̀, kí ó kọ́kọ́ béèrè iye tí òru kan yóò jẹ.