Kí A Tó Gbé Ọjà Lọ Fi Hàn: Ta Ló Tún Yẹ Kó Wà Níbẹ̀?

Ọ̀rọ̀ òní dá lórí ìbéèrè kan tó yẹ ká bi oníbàárà ká tó gbé ọjà wa lọ fi hàn án.

Máníjà gbọ̀ngàn ayẹyẹ kan ní Ẹ́sítéètì Raji Rasaki, ní Àmùwò-Ọ̀dọ́fin, pè mí. Wọ́n fẹ́ ra ẹ̀rọ tí wọ́n á fi máa gbé ìgbéyàwó sórí íńtánẹ́ẹ̀tì bó ṣe ń lọ lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ òun nìkan ló wò ó, òun náà ni yóò lọ ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀. Ibi tí ọ̀gá bá ti béèrè ohun tí kò mọ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń tutù.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe bi í pé, “Ṣé ẹ̀yin lẹ láṣẹ?” Ńṣe ló dà bíi pé ẹ fojú di í. Iṣẹ́ ni kí ẹ béèrè, kì í ṣe ipò. Ohun tí mo kọ sí i lórí Wásáàpù nìyí: “Ẹ káàárọ̀ mà. A lè wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, agogo 11 àárọ̀, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ni yóò máa lo ẹ̀rọ náà? Ta ló ń tọ́jú ohùn àti iná? Ta ni yóò sì wo iye owó rẹ̀?” Mo mú ọjọ́ Ìṣẹ́gun torí pé gbọ̀ngàn máa ń kún lópin ọ̀sẹ̀.

Ó dárúkọ ẹni tó ń tọ́jú ohùn àti ẹni tó ni gbọ̀ngàn. Mo ní kí ẹni àkọ́kọ́ ya ẹ̀yìn míkísà rẹ̀ ránṣẹ́. Mo rí ihò kan tó ṣófo tó ń gbé ohùn jáde, mo sì mú wáyà tó bá a mu dání. Láìsí ìyẹn, ohùn inú kámẹ́rà nìkan ni à bá gbọ́, ariwo gbọ̀ngàn á sì bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tó ni gbọ̀ngàn béèrè pé, “Tí NEPA bá mú iná ńkọ́?” Mo yọ wáyà iná lójú wọn. Bátìrì gbé kámẹ́rà dúró, bátìrì kékeré kejì gbé ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì dúró, àwòrán kò sì dúró lórí fóònù wọn. Ìdáhùn yẹn kò ṣeé fi ẹnu máníjà rán. Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n ní ká kọ iye owó wá.

Tí oníbàárà bá ní “èmi nìkan tó”, ẹ má fipá mú un. Ẹ bi í pé, “Kí ni ọ̀gá yín máa kọ́kọ́ béèrè?” Ohun tó bá sọ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ìfihàn yín, kí ẹ sì jẹ́ kó fi fóònù rẹ̀ ya ibẹ̀. Tí ẹ bá parí, tó wá ní “a máa bá wọn sọ̀rọ̀”, ẹ rọra béèrè àwọn wo. Ẹni tó bá dárúkọ ni ẹ kò tíì fi ọjà hàn.