Awakọ̀ Máíkírà, òṣìṣẹ́ ojú pópó àti wọ́n-wéè

Ìbéèrè kan ń da àwọn tó ń ṣe àsáínmẹ́ntì ní Agbowó láàmú, ẹ jẹ́ ká jọ tú u.

Awakọ̀ Máíkírà kan ní Bódìjà lè gba wọ́n-wéè, ó lè gba ọ̀nà tó tọ́, ó sì lè jókòó sí gáréèjì láìṣiṣẹ́. Òṣìṣẹ́ ojú pópó lè dúró nínú oòrùn kó máa ṣọ́ ọ, tàbí kó jókòó sábẹ́ igi. Èmi ni mo yan nọ́ńbà wọ̀nyí fúnra mi. Èrè awakọ̀ ló ṣáájú, ti òṣìṣẹ́ ló tẹ̀lé e.

```
             ṣọ́        jókòó
wọ́n-wéè     -8, 3      2, 0
ọ̀nà tó tọ́    0, -1     0, 0
gáréèjì     -1, -1    -1, 0
```

Ẹ kọ́kọ́ wo gáréèjì. Yálà òṣìṣẹ́ ń ṣọ́ni tàbí ó jókòó, -1 ni, ọ̀nà tó tọ́ sì ń fún un ní 0. Ọ̀nà tó tọ́ borí gáréèjì pátápátá, nítorí náà ẹ fi báírò fa gáréèjì nù. Àmọ́ kò borí wọ́n-wéè o, torí pé bí òṣìṣẹ́ bá jókòó, 2 ju 0 lọ.

Nínú ohun tó kù, bí awakọ̀ bá gba wọ́n-wéè, òṣìṣẹ́ á fẹ́ ṣọ́ ọ. Bí òṣìṣẹ́ bá ń ṣọ́, awakọ̀ á padà sọ́nà tó tọ́. Nígbà náà òṣìṣẹ́ á lọ jókòó, awakọ̀ á tún ya wọ́n-wéè. Kò sí àpótí kankan tí àwọn méjèèjì ti lè fìdí kalẹ̀. John Nash ti fi hàn ní 1950 pé ìdúró kan gbọ́dọ̀ wà nínú irú eré báyìí, bí kò tiẹ̀ sí nínú àpótí kan ṣoṣo. Ibi tó wà ni pé kí kálukú máa da ọgbọ́n rẹ̀ pọ̀.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Wọ́n á fi èrè awakọ̀ wá ìdá tirẹ̀. Rárá o! Ìdá awakọ̀, tí a pè ní p, gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ṣíṣọ́ àti jíjókòó dọ́gba lójú òṣìṣẹ́: 3p - (1 - p) = 0, p = 1/4. Ìdá òṣìṣẹ́, q, ló ń mú wọ́n-wéè àti ọ̀nà tó tọ́ dọ́gba lójú awakọ̀: -8q + 2(1 - q) = 0, q = 1/5. Kẹ́ ẹ tó fi sílẹ̀, ẹ dá ìdáhùn yín padà sínú àtẹ. -8 lọ́nà 1/5 jẹ́ -1.6, 2 lọ́nà 4/5 jẹ́ 1.6, àpapọ̀ wọn 0. Bí kò bá dọ́gba, ẹ ti pààrọ̀ p àti q.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù nìyí. Ẹ fi kún ìtanràn, kí -8 di -18. Ẹ̀yin náà á rò pé wọ́n-wéè máa dínkù, àbí? p ṣì jẹ́ 1/4, torí pé èrè òṣìṣẹ́ kò yí padà. Òṣìṣẹ́ ló máa ń jókòó sí i: q di 1/10. Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá fún un ní agbòòrùn ńlá kan, tí ṣíṣọ́ wá sàn fún un ní ìdajì pọ́ìntì, 3 á di 3.5, -1 á di -0.5. Nígbà náà 4p = 0.5, p sì di 1/8.

Bó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ń rí nǹkan nínú ìtanràn yẹn, ìṣirò ti yí padà nìyẹn, torí 3 rẹ̀ náà á gòkè. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ fúnra yín pẹ̀lú 7.