Iyọ̀ Inú Omi Kànga Wa

Ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀, omi òkun máa ń wọnú omi abẹ́ ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí omi kànga míì fi ń ní iyọ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ ní lábù, ẹ bu omi náà díẹ̀ sínú ìgò tó mọ́. Ẹ kọ́kọ́ kán ásíìdì náítíríìkì tí a ti fomi là sí i, kí ẹ tó kán sílífà náítíréètì. Bó bá ṣú funfun bí omi ògì, kílóráìdì inú iyọ̀ nìyẹn.

Ásíìdì ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, torí kábónéètì náà lè ṣú funfun. Ásíìdì á ti pa á run. Omi tó ṣeé mu náà lè ṣú fẹ́ẹ́rẹ́, nítorí náà, ẹ gbé méjèèjì síra wọn kẹ́ ẹ tó dájọ́.